Ṣé omi ló wà nínú iké ràkúnmí? Bí kì í bá ṣe omi, ọgbọ́n wo ló ń dá sí òǹgbẹ?

Tíṣà_Rẹ̀mí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ sọ pé inú iké ni ràkúnmí ń kó omi pamọ́ sí. Lánàá, ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, bó bá mu omi náà tán, ṣé iké á wá dà bí àpò òfìfo?" Ẹnu mi wọhò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ló sì ń jẹ́ kí ẹranko yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú aṣálẹ̀ láìfẹnu kan omi?

Alápatà_Àgbà:
Omi kẹ̀? Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń pa ẹran, n ò sì lè ka iye iké ràkúnmí tí mo ti là mọ́. Ọ̀rá ni, ọ̀rá funfun tó ki, tó dì gbagidi. Bí ẹ bá ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ẹ̀kán omi kan ò ní jáde. Ọwọ́ yín ni yóò kàn máa yọ̀, tí ẹ̀ẹ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí. Ti ẹran tó jẹun kánú lè ju ọgbọ̀n kìlógíráàmù lọ.

Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Iké máa ń wọ́ lóòótọ́, á sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí etí ajá. Ṣùgbọ́n ebi ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òǹgbẹ.

Ojúlarí:
Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Alápatà sọ òótọ́, iké kọ́. Inú ikùn ni omi wà. Ikùn ràkúnmí àkọ́kọ́ ní àwọn àpò kéékèèké lára, bí ojúlé afárá oyin, ibẹ̀ ló ń rọ omi sí. Ẹ ò gbọ́ ìtàn àwọn arìnrìn-àjò tí òǹgbẹ fẹ́ pa, tí wọ́n la ikùn ràkúnmí tí wọ́n sì mu omi inú rẹ̀ tí wọ́n fi yè? Ìtàn àtijọ́ ni.

Alápatà_Àgbà:
Ojúlarí, àwọn àpò yẹn wà, mo ti tọwọ́ bọ̀ wọ́n. Àmọ́ ohun tó wà nínú wọn kì í ṣe omi tí ènìyàn ń pè ní omi. Ewéko tó ti jẹ ni, tó ti pò pọ̀ mọ́ ìtọ́, ó rí bí ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ á sì lé ẹ sá. Ẹni tó bá mu ún ti rí ìjà.

Dókítà_Ẹran:
Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe, ràkúnmí sì ti gbà mí lọ́dún mélòó kan. Ojúlarí gba ààbọ̀. Omi tó wà nínú ikùn ràkúnmí kò ju èyí tó wà nínú ikùn màlúù tàbí àgùntàn lọ ní ìwọ̀n ara wọn. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ni gbogbo wọn, ikùn wọn gbọ́dọ̀ ní omi kí oúnjẹ lè rà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì yẹ omi inú ikùn ràkúnmí wò, iyọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹ̀jẹ̀ dọ́gba. Omi oúnjẹ ni, kì í ṣe ìkòkò omi tí ẹnì kan gbé pamọ́.

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ jù lọ ni Knut Schmidt-Nielsen, ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Lọ́dún 1953 sí 1954, òun àti ìyàwó rẹ̀ Bodil pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ jókòó sí Béni Abbès, ní Sàhárà ti Àlìjíríà, wọ́n ra ràkúnmí, wọ́n sì ń wọn gbogbo ohun tó ń wọlé sí i lára àti èyí tó ń jáde. Wọ́n fi ràkúnmí kan sínú oòrùn ẹ̀rùn fún ọjọ́ 8 láìfún un lómi. Nǹkan bí 100 kìlógíráàmù ló bọ́ lára rẹ̀, ìyẹn 22 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ènìyàn tó bá pàdánù 12 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ nínú ooru bẹ́ẹ̀ ti kú. Ràkúnmí yìí rù, egungun ìhà rẹ̀ yọ, ikùn rẹ̀ wọnú lọ mọ́ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn.

Ibi tó yẹ ká dúró sí nìyí. Ràkúnmí kò gbé omi pamọ́ síbì kan. Ó ń pàdánù omi bí gbogbo wa ṣe ń pàdánù rẹ̀, àmọ́ ó lọ́ra láti pàdánù rẹ̀, ó lè fara da kó dín púpọ̀, ó sì lè dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Tíṣà_Rẹ̀mí:
Ẹ ṣeun, dókítà. Mo ti rí i kà níbì kan pé ọ̀rá iké máa ń di omi bí ara bá jó o. Ṣé irọ́ nìyẹn náà?

Dókítà_Ẹran:
Kì í ṣe irọ́, ìṣirò ni wọn kò parí. Bí ara bá jó ọ̀rá kìlógíráàmù 1, omi tó ń jáde níbẹ̀ lé díẹ̀ ní lítà 1. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀rá kì í jó láìsí ọ́síjìn, nǹkan bí lítà 2,000 ọ́síjìn ni kìlógíráàmù yẹn ń fẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró kì í sì í gba gbogbo ọ́síjìn tó bá wọlé, díẹ̀ ló ń mú nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹran náà gbọ́dọ̀ mí tó lítà 40,000 afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ gbẹ nígbà tó ń wọlé, ó sì kún fún omi nígbà tó ń jáde. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé èémí jáde ní ìgbóná ara, nǹkan bí lítà 1 àti ọ̀kan-dín-lógójì ìdá ọgọ́rùn-ún (1.36) ni èémí yẹn yóò gbé lọ. Ẹ jèrè 1.07, ẹ pàdánù 1.36. Òwò àdánù ni.

Oníṣirò:
Dókítà, ẹ má bínú o. Lákọ̀ọ́kọ́, 1.36 ni ẹ kọ sínú àmì, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kà á kò bá a mu, ọ̀tọ̀ ni 39, ọ̀tọ̀ ni 36. Ìyẹn kéré. Èyí tó tóbi ni pé ẹ sọ pé "bí ẹni pé èémí jáde ní ìgbóná ara." Ràkúnmí tí òǹgbẹ ń gbẹ kì í mí bẹ́ẹ̀ lóru. Imú rẹ̀ ní ihò tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ara rẹ̀ gbòòrò. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù òru bá wọlé, ó máa ń mú ara imú tutù. Nígbà tí èémí bá ń padà jáde, omi inú rẹ̀ á sẹ̀ sí ara imú, bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sára ìgò tútù. Schmidt-Nielsen kan náà tí ẹ dárúkọ wà lára àwọn tó fi èyí hàn lọ́dún 1981.

Ẹ wá tún un ṣírò. Ká ní èémí jáde ní dígírì 27 dípò 37. Afẹ́fẹ́ lítà 1,000 tó kún fún omi ní 37 ń gbé nǹkan bí gíráàmù 44, ní 27 kò ju 26 lọ. Ẹ yọ 10 tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ó ku 16, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 40, gíráàmù 640 ló jáde. Ẹ jèrè 1,070, ẹ pàdánù 640. Èrè wà níbẹ̀ o!

Dókítà_Ẹran:
Ọwọ́ ló yọ̀, 1.36 ni, ẹ ṣeun. Ti imú náà, ẹ jàre níbẹ̀, mo fi ìdajì sílẹ̀ bíi ti àwọn tí mò ń bá wí. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, èémí òru rẹ̀ kì í kún fún omi tán nígbà tó bá ń jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ẹran tó wà láàyè gbọ́dọ̀ jó nǹkan kan láti ní agbára, iké wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bó bá jẹ́ èròjà ìyẹ̀fun ló jó dípò ọ̀rá, láti rí agbára kan náà, yóò nílò nǹkan bí kìlógíráàmù 2 àti mẹ́rin-dín-lọ́gbọ̀n… ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà kọ ọ́ kí Oníṣirò má tún mú mi: 2.25. Omi tó máa jáde níbẹ̀ á sún mọ́ lítà 1.26. Ó ju ti ọ̀rá lọ, mímí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹran bá ń wá omi, ọ̀rá kọ́ ni yóò kọ́kọ́ yàn.

Èkejì ni pé ràkúnmí ńlá tó dúró lójú kan kò jó ju nǹkan bí kìlógíráàmù kan ọ̀rá lọ lójúmọ́. Ẹ fi lítà 1 yẹn lé ẹgbẹ́ ràkúnmí Béni Abbès. Kìlógíráàmù 100 ní ọjọ́ 8, ìyẹn ju 12 lọ lójúmọ́. Kí ni lítà kan fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Oníṣirò:
Èyí ekejì yẹn ni mo gbà. Lórí àkọ́kọ́, mi ò tíì gbà tán, nítorí nínú aṣálẹ̀ kò sí ìyẹ̀fun lẹ́yìn ẹran láti yàn. Ọ̀rá ló gbé dání. Ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Olùdákẹ́:
Ìbéèrè kékeré. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò níké, ó sì ń gbé inú aṣálẹ̀. Báwo ló ṣe ń ṣe é?

Dókítà_Ẹran:
Ìbéèrè yẹn kò kéré rárá! Wọ́n dán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wò níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun náà lè pàdánù tó 30 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ kó má kú, òun náà sì ń mu omi bí ẹni dà á sínú kòtò. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé omi ń jáde lára rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe ń jáde lára ràkúnmí. Ẹ wá rí i pé fífara da òǹgbẹ kò ní iké nínú. Nǹkan míì ló ń ṣe é.

Nǹkan míì náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀. Bí ooru bá mú ènìyàn tí kò sì rí omi mu, inú omi ẹ̀jẹ̀ ni àdánù náà ti ń hàn jù. Ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á máa tì í bí ẹni ti ẹrù lórí òkè, kò ní lè gbé ooru inú ara wá sí awọ ara mọ́, ìgbóná ara á sì fò sókè lójijì. Ikú tó ń pa ènìyàn nìyẹn, ó máa ń yára. Ràkúnmí tó pàdánù bí ìdá mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá lọ tó ń dín. Inú ìfun, inú sẹ́ẹ̀lì àti àárín wọn ló ti ń yọ ìyókù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣàn.

Olùdákẹ́:
Ìdá mẹ́rin, ìyẹn 4 nínú 100?

Dókítà_Ẹran:
Rárá o. Ìdá kan nínú mẹ́rin, 25 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi ẹ̀jẹ̀, kò ju 10 nínú 100. Mò ń kánjú kọ ọ́ ni.

Ìgò_Ẹ̀jẹ̀:
Ibi tí mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ nìyí. Yàrá ìyẹ̀jẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà kan ẹnì kan gbé ẹ̀jẹ̀ ràkúnmí wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, mo fi í sábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo kọ́kọ́ rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́ nígbà tí mò ń tẹ́ ẹ. Sẹ́ẹ̀lì pupa ti ènìyàn rí róbótó, àárín rẹ̀ rì díẹ̀. Ti ràkúnmí gùn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí hóró ẹ̀gúsí. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì.

Mo wá ṣe ìdánwò kan tí a máa ń fi mọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe lágbára tó. Ẹ̀ẹ́ to ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ́ fi omi iyọ̀ sí wọn láti 0.9 nínú 100 wá sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ́ wá kán ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iyọ̀ ṣe ń dín ni omi ṣe ń wọnú sẹ́ẹ̀lì, ó ń wú, títí yóò fi bẹ́. Ẹ̀ẹ́ mọ ìgbà tó bẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣì wà, inú ìgò dúdú, kò ṣeé wò kọjá, bí ẹ bá sì gbé e sílẹ̀, pupa á rọ̀ sísàlẹ̀, omi òkè á mọ́. Bó bá ti bẹ́, gbogbo ìgò náà á pupa, á sì mọ́ kedere débi pé ẹ lè ka ìwé kọjá rẹ̀. Ní 0.35, ti ènìyàn ti pupa kedere. Ti ràkúnmí ṣì dúdú. Mo gbé e sílẹ̀, mo lọ ṣe nǹkan míì, nígbà tí mo padà dé, ó ti rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Tíṣà_Rẹ̀mí:
Èyí dùn mọ́ mi, àmọ́ kí ni ó kan òǹgbẹ?

Ìgò_Ẹ̀jẹ̀:
Ẹ wo bí ràkúnmí ṣe ń mu omi. Ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n wọ̀n mu ju lítà 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹ rò ó pé korobá ńlá mẹ́wàá ni ẹ dà sínú ara kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ki, tí iyọ̀ rẹ̀ ti ga. Bí omi yẹn bá ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ á máa dín, omi á sì máa ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì wa ni, wọn á bẹ́, ohun pupa inú wọn á dà sínú omi ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á dí. Sẹ́ẹ̀lì ràkúnmí lè wú kó ju ìlọ́po méjì bó ṣe wà lọ, tó ìdá 240 nínú 100, kó má bẹ́. Ti ọ̀pọ̀ ẹranko míì ti máa ń bẹ́ ní nǹkan bí ìdá 150. Gígùn rẹ̀ yẹn ló fún un láàyè láti wú.

Dókítà_Ẹran:
Ìgò_Ẹ̀jẹ̀, mo bá yín lọ títí kan gbólóhùn ìkẹyìn. Ẹ ṣọ́ra fún "gígùn rẹ̀ yẹn." Lámà àti àlìpákà, ìbátan ràkúnmí tó ń gbé orí òkè Áńdíìsì níbi tí òtútù ti ń mú, sẹ́ẹ̀lì tiwọn náà gùn bẹ́ẹ̀. Aṣálẹ̀ kọ́ ló gbé e lé wọn lọ́wọ́, ìdílé wọn ló ní in. Ibi tí mo máa fi ọwọ́ lé ni awọ sẹ́ẹ̀lì náà. Èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rá inú rẹ̀ lọ gan-an, bí ẹ bá fi wé tiwa, ìyẹn ló ń dì í mú.

Ìgò_Ẹ̀jẹ̀:
Mo gbọ́. N ò ronú kan lámà rí. Síbẹ̀, n ò lè sọ pé ìrísí náà kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ibi tó máa wú sí ju ohun tó ti yọ róbótó tẹ́lẹ̀.

Ìyá_Bísí:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i pé ẹ ń sọ̀rọ̀ kíndìnrín. Dókítà sọ fún mi pé òkúta wà nínú tèmi, ó ní kí n máa mu omi dáadáa. Àmọ́ bí ràkúnmí ṣe lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan láìmu omi tí kíndìnrín rẹ̀ kò bà jẹ́, ṣé kò ní dáa kí èmi náà kọ́ tèmi díẹ̀díẹ̀ kó lè lágbára?

Dókítà_Ẹran:
Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò! Dókítà ẹran ni mí, n kì í ṣe ti ènìyàn, ẹ tẹ̀lé ohun tí dókítà yín sọ. Ìtọ̀ tó ki ló ń jẹ́ kí òkúta dì, ìdí nìyẹn tó fi ní kí ẹ mu omi. Kíndìnrín kì í sì í gba ẹ̀kọ́ bí apá ṣe ń gba eré ìdárayá. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti inú oyún ló ṣe wà.

Ìyá_Bísí:
Ó dáa, mo gbọ́. Ẹ ṣeun. Ẹ wá sọ ti ràkúnmí náà kí n gbọ́.

Alápatà_Àgbà:
Kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Kíndìnrín màlúù rí wúruwùru, bí ìdì èso tí wọ́n so pọ̀. Ti ràkúnmí dán, kò ní kókó lára. Bí ẹ bá sì là á sí méjì, ẹ̀ẹ́ rí i pé èèpo òde rẹ̀ tín-ín-rín, inú ló nípọn, ó sì ní ìlà-ìlà tó nà wọ àárín lọ. Mo máa ń rò pé bí wọ́n ṣe dá a lásán ni.

Dókítà_Ẹran:
Ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀gá alápatà. Àwọn ìlà tí ẹ rí yẹn ni àwọn ọ̀nà tínínntín tí ìtọ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wọ inú kíndìnrín, wọ́n ṣẹ́rí, wọ́n tún gòkè padà. Bí ibi tí wọ́n ń rìn dé bá ṣe jìn sí, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ tí kíndìnrín lè kó jọ sí inú lọ́hùn-ún ṣe máa pọ̀ tó. Iyọ̀ yẹn ló ń fa omi kúrò nínú ìtọ̀ padà sínú ara, kó tó bọ́ síta. Inú kíndìnrín ràkúnmí nípọn tó ìlọ́po mẹ́rin èèpo òde rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà.

Ìtọ̀ wa lè ki tó ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ wa, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ti ràkúnmí lè tó ìlọ́po mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ki ju omi òkun lọ, ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ ewéko oníyọ̀ tó máa dá ènìyàn lágara. Nígbà tí omi bá wà, ó lè tọ̀ lítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Nígbà tí kò bá sí, ìtọ̀ rẹ̀ lè má tó lítà kan, á máa kán díẹ̀díẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù. Yúríà, ìdọ̀tí tí ara ń yọ jáde látinú èròjà amúaradàgbà, nílò omi láti jáde. Bí oúnjẹ ràkúnmí kò bá dára, kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jáde. Ó ń dá a padà láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ á sì fi ṣe èròjà amúaradàgbà tuntun, tí ràkúnmí yóò padà jẹ. Omi kò lọ, oúnjẹ náà kò lọ. Màlúù àti àgùntàn náà ń ṣe é, àmọ́ ẹ má rò pé ohun kékeré ni.

Ojúlarí:
Nítorí náà kíndìnrín ràkúnmí ló lágbára jù lọ láyé.

Dókítà_Ẹran:
Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn eku aṣálẹ̀ kan wà tí ìtọ̀ wọn ki jù ú lọ fíìfíì. Kíndìnrín kọ́ ló sì ń dá omi tó pọ̀ jù lọ dúró lára ràkúnmí. Òógùn ni ó ń ṣọ́ jù.

Ara wa kì í jẹ́ kí ìgbóná rẹ̀ yí padà. Bí oòrùn bá mú, à ń làágùn lójú ẹsẹ̀. Ràkúnmí tí òǹgbẹ ń gbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ lè wà ní dígírì 34, ó máa jẹ́ kí oòrùn gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó lè dé nǹkan bí 41, kó tó làágùn gidi. Tó bá di òru, ooru náà á jáde sínú òtútù lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹran 500 kìlógíráàmù, bí ara rẹ̀ bá gbóná pẹ̀lú dígírì 6, omi tí kò fi làágùn lọ́jọ́ yẹn tó nǹkan bí lítà 5. Ẹ rántí pé ọ̀rá iké kò fún un ju lítà kan lọ.

Oníṣirò:
Èyí wá dáa. Tí ẹ bá sì fá irun rẹ̀ ńkọ́? Ẹlòmíràn á rò pé á tutù sí i.

Dókítà_Ẹran:
Wọ́n fá ti ọ̀kan ní Béni Abbès. Òógùn rẹ̀ fi ìdajì pọ̀ sí i. Irun ẹ̀yìn yẹn ń dá oòrùn dúró kó má dé awọ. Iké náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rá gbogbo wà lójú kan lẹ́yìn, ara tó kù kò fi ọ̀rá bo ara rẹ̀ bí ẹni wọ aṣọ òtútù, ooru rí ọ̀nà jáde lóru.

Tíṣà_Rẹ̀mí:
Báwo ni mo ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ èyí tí òǹgbẹ ń gbẹ àti èyí tí ebi ń pa? Ọmọ yẹn máa bi mí, mo mọ̀ ọ́n.

Alápatà_Àgbà:
Èyí rọrùn. Ti òǹgbẹ, ojú rẹ̀ rì, ikùn rẹ̀ wọnú, egungun ìhà yọ, àmọ́ iké rẹ̀ lè dúró gbọnin-gbọnin. Ẹ fún un lómi kí ẹ máa wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa yọ jáde lójú yín bí ẹni fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò. Iké kò ní mira. Ti ebi, omi ara rẹ̀ lè pé dáadáa, iké ló máa wọ́. Ẹ fún un lómi tó kún odò, iké yẹn ò ní dìde. Ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń jẹun kó tó dúró.

Olùdákẹ́:
Ọmọ ràkúnmí ńkọ́, ṣé wọ́n ń bí i pẹ̀lú iké?

Dókítà_Ẹran:
Awọ ibẹ̀ wà, ọ̀rá kò tíì sí nínú rẹ̀. Bó bá ti mu wàrà dáadáa ni yóò máa kún.

Ìgò_Ẹ̀jẹ̀:
Dókítà, nǹkan kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Lítà 100 yẹn, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà á kíákíá, àbí ikùn ń dá a dúró tí ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, a jẹ́ pé ikùn náà ń gba sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, kì í ṣe awọ wọn nìkan.

Dókítà_Ẹran:
Mo ti rí àwọn tó sọ pé ó ń yára, mo sì ti rí àwọn tó ní ikùn ń dá a dúró. Ní tèmi, ikùn ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn kò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ọjọ́ tó ń rí ìṣòro.

Ìgò_Ẹ̀jẹ̀:
Ẹni tó gbé ẹ̀jẹ̀ wá nígbà yẹn ṣì ní ràkúnmí rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kí ẹran tó mu omi, òmíràn lẹ́yìn wákàtí kan, òmíràn lẹ́yìn mẹ́rin, kí n fi wọ́n sínú ìgò iyọ̀ kan náà, kí n sì wò wọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù bóyá wọ́n wú. Kò tíì dáhùn. Ó ní ẹran náà ti ta òun ní ìpá nígbà àkọ́kọ́.